Ẹ Má Fọ Ẹyin Yẹn

Ìyàwó àbúrò mi ra kíréètì ẹyin kan, 30 ló wà nínú rẹ̀. Bó ṣe délé ló fọ gbogbo rẹ̀, tó tò ó sínú fíríìjì. Iná lọ, ọjọ́ kejì ló tó dé. Nígbà tó kó ẹyin náà jáde sínú ooru, omi ń sẹ̀ lára wọn bí òógùn.

Èèpo ẹyin ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò tíntìntín. Ohun fẹ́lẹ́ kan tó máa ń bò ó nígbà tí adìyẹ bá yé e ló ń dí wọn. Fífọ̀ ń bó o dànù, omi tó ń sẹ̀ sì ń ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò àrùn.

Níbi tí iná kò bá ti dúró, mi ò rò pé fíríìjì wúlò fún ẹyin tútù. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ìdọ̀tí ara rẹ̀, kí ẹ gbé e síbi tútù tí oòrùn kì í dé, kí ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹni tó ń sin adìyẹ lè fi òróró díẹ̀ pa á lára lọ́jọ́ tí wọ́n yé e. Ó ń dí ihò, àmọ́ kì í pa kòkòrò tó ti wà nínú.

Tí ẹ bá fẹ́ sè é, ẹ kọ́kọ́ jù ú sómi. Èyí tó léfòó ti pẹ́, ẹ dà á nù. Èyí tó rì lè ní àrùn síbẹ̀, nítorí náà ẹ sè é títí pupa rẹ̀ yóò fi le.