Ṣéènì Ọ̀kadà: Àlàfo Mélòó Ló Yẹ Kó Ní?

Láti àárín píìnì kan sí èkejì, ṣéènì ọ̀kadà tí wọ́n kọ 428 sí lára jẹ́ mìlímítà 12.7. Àlàfo yìí ni wọ́n fi ń ka gígùn rẹ̀.

Ká ní sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú ní eyín 14, tẹ̀yìn ní 42, tí wọ́n sì fi àlàfo 40 jìnnà síra. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 80. Ìdajì àpapọ̀ eyín jẹ́ 28. Ìyàtọ̀ títóbi wọn tún fi ìdajì àlàfo kún un. Ó di 108.5.

Mẹkáníìkì á mú 110, torí pé iye tí kò ṣeé pín sí méjì ń fẹ́ ìsopọ̀ wíwọ́ tí kò lágbára tó. Yóò wá fa táyà ẹ̀yìn sẹ́yìn bíi mìlímítà 10.

Ìbú òbírí tí píìnì ń tọ̀ lórí sípírókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ni `12.7 / sin(180°/42)`, èyí tó jẹ́ mìlímítà 170. Ṣéènì tó ti jẹ ń gùn ju 12.7 lọ, nítorí náà ó máa ń gun orí eyín.