Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Ìwé Ilẹ̀ Tí Apá Ìkẹyìn Rẹ̀ Kò Dé

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ọmọ Rẹ́mọ, láti Ṣágámù títí dé Ìkẹ́nnẹ́, òwe yìí kò bá ìwé àdéhùn ilẹ̀ mu rárá. Bí ẹni tí ń tà bá ń fi ìwé náà ránṣẹ́ lórí Wasáàpù ní apá-apá, tí ó kọ 1/4 àti 2/4 sí i lórí, tí òmíràn kò sì dé mọ́, ẹ wo ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn dáadáa. Ká ní ó dúró síbi tí a kọ pé, “Ilẹ̀ yóò di ti olùrà bí ó bá sanwó tán, àyàfi bí,” àyàfi yẹn gan-an lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ olùrà. Apá ìsàlẹ̀, ẹ sì rántí, ni àpèjúwe ààlà, ìbuwọ́lù àti orúkọ ẹlẹ́rìí sábà máa ń wà.

Ẹ má fi èrò ọkàn dí àlàfo náà. Ẹ da ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn padà sí ẹni tí ń tà, kí ó máa bá a lọ láti ibẹ̀. Ẹ lè sọ iye owó tí ẹ rí nínú apá tó ti dé fún ẹbí, ṣùgbọ́n ẹ fi kún un pé apá 3 àti 4 ṣì lè yí i padà.