Mélòó Ni Kí Awakọ̀ Yọ Nínú Afẹ́fẹ́ Táyà Kó Tó Wọ Inú Yanrìn?

Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, tí òjò sì ti jìnnà, àwọn òpópónà tí kò ní ọ̀dà ní Ìba àti lẹ́yìn Òkokomáíkò máa ń di yanrìn gbẹrẹfu. Púpọ̀ nínú yanrìn yìí ni wọ́n wà láti inú omi, tí wọ́n fi dí ojú àbàtà kí àwọn èèyàn tó kọ́lé síbẹ̀. Mọ́tò kékeré á wọ inú ẹ̀ wẹ́rẹ́, táyà iwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan, awakọ̀ á tún tẹ iná sí i, àfi gbì, mọ́tò ti fi ikùn jókòó. Kò ní pẹ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò á fi pé lé e lórí, tí wọ́n á máa dá iye tí wọ́n á gbà kí wọ́n tó tì í.

Kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì mọ́tò náà kò lágbára. Táyà rẹ̀ ló le jù. Nọ́ńbà tó máa ń hàn lára géèjì fọganáísà, bíi 32, túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ inú táyà ń ti ojú kọ̀ọ̀kan tí gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íńṣì kan pẹ̀lú agbára páùn 32. Ẹ mú mọ́tò kan tí òun àti èrò inú rẹ̀ jẹ́ kílò 1,600. Táyà kọ̀ọ̀kan á gbé nǹkan bíi kílò 400, ìyẹn páùn 880. Tí afẹ́fẹ́ bá wà ní 32, ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ kò ní ju íńṣì 27 tàbí 28 lọ níbùú lóròó, ìyẹn ò tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà méjì. Tí afẹ́fẹ́ bá wálẹ̀ sí 16, ibẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara táyà fúnra rẹ̀ náà ń gbé díẹ̀ nínú ẹrù ọ̀hún. Ẹrù kan náà ni, àmọ́ ó ti tàn ká orí yanrìn, kò fi bẹ́ẹ̀ rì mọ́.

Àwọn kan rò pé ńṣe ni táyà máa ń fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n bá yọ afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ó máa ń fẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gígùn ló ń pọ̀ sí i jù. Ojú ẹsẹ̀ táyà á gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, bíi ti ẹsẹ̀ ràkúnmí tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí yanrìn.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ọ̀gá sójà Gẹ̀ẹ́sì kan, Ráàfù Bágínóòdù, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi mọ́tò Fọ́ọ̀dù rìn nínú aṣálẹ̀ Íjíbítì àti Líbíà láàárín 1920 sí 1940. Yíyọ afẹ́fẹ́ táyà àti àwọn páálí irin tí wọ́n ń tẹ́ síwájú táyà ni wọ́n fi ń gba orí yanrìn tí àwọn èèyàn ń sọ pé mọ́tò kò lè gùn. Nígbà tí ogun dé ní 1940, òun ló dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ń fi mọ́tò jìnnà wọ inú aṣálẹ̀ náà sílẹ̀.

Mélòó wá ni kéèyàn yọ? Ẹ jẹ́ ká gbé Tòyótà Kòróólà kan tó fẹ́ gba àárín yanrìn tó gùn tó ọgọ́rùn-ún mítà kọjá nínú Ìba yẹ̀ wò. Awakọ̀ á kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn ọwọ́ ara rẹ̀, á wo ìwé kékeré tó lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò kọ nọ́ńbà afẹ́fẹ́ sí. Nínú àpẹẹrẹ tiwa, ká ní 32 ló wà níbẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára táyà fúnra rẹ̀ kọ́ o, ìyẹn ni òpin tí táyà náà lè gbà.

Orí ilẹ̀ líle ni kí ó ti dúró ṣe é, kí ó tó wọ inú yanrìn. Á ṣí ìdérí fáàfù, á fi orí kọ́kọ́rọ́ tàbí ìṣó tẹ pín kékeré tó wà láàárín rẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa jáde, á sì máa fi géèjì yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè. Kí ó kọ́kọ́ wálẹ̀ sí 22, ìyẹn bí ìdá mẹ́ta tí wọ́n yọ ọ̀kan kúrò nínú ẹ̀. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kó ṣe é fún, kì í ṣe ti iwájú tó ń wa mọ́tò nìkan, torí pé táyà ẹ̀yìn tó bá le á máa kọ ebè nínú yanrìn, á sì máa fa mọ́tò sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ yanrìn àdúgbò ni 22 tó fún. Tí mọ́tò bá ṣì ń wúwo, kó wálẹ̀ sí 18. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ibi tó yẹ kí mọ́tò kékeré dúró, ìyẹn náà sì wà fún ìgbà tí mọ́tò bá ti há. Tí ó bá rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí awakọ̀ sì yí sítíárì kíá, etí táyà lè yọ kúrò lára ríìmù, afẹ́fẹ́ tó kù á sì tú dànù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Pọ́ǹpù ẹlẹ́sẹ̀ kò ní lè dá a padà.

Ẹni tí kò ní géèjì lè fojú wò ó. Kó wọn àyè tó wà láàárín ìsàlẹ̀ ríìmù àti ilẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Tí àyè yẹn bá ti dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin tí wọ́n yọ ọ̀kan, ó tó. Síbẹ̀, géèjì kékeré ṣáà dára ju ojú lọ.

Bọ́ọ̀sì akérò tó kún fún èrò kò gbọdọ̀ lo nọ́ńbà Kòróólà yìí. Tí táyà rẹ̀ bá máa ń jẹ 50, ìdá mẹ́ta yẹn náà ni kó yọ ọ̀kan nínú ẹ̀, bíi 34 ni yóò kù. Èyí tó rọrùn jù ni pé kí kọ̀ndọ̀ kọ́kọ́ sọ àwọn èrò kalẹ̀ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn kọjá. Àwọn bọ́ọ̀sì kan sì ṣì ń lo táyà tó ní túùbù nínú. Tí afẹ́fẹ́ irú táyà bẹ́ẹ̀ bá kéré, táyà lè yí lórí ríìmù, á wọ́ túùbù tẹ̀ lé ara rẹ̀, fáàfù á sì já kúrò lára túùbù. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ kó má yọ púpọ̀. Táyà tòkunbọ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń sán, kó má tilẹ̀ yọ ọ́ rárá. Ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an ni yóò máa ká, tí yóò máa nà, tí afẹ́fẹ́ bá dín.

Nínú yanrìn, jíà kejì ló dára jù, kí ẹsẹ̀ rọ̀ lórí iná, kí mọ́tò máa lọ bákan náà láìdúró. Kí awakọ̀ má tẹ búréèkì lójijì, kó sì má yí sítíárì púpọ̀. Tí ó bá rí i pé iwájú kò lọ mọ́, kí ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tí táyà bá fi yí lójú kan ló ń gbẹ́ kòtò tí wọ́n á fi wákàtí kan gbé mọ́tò jáde nínú ẹ̀. Kí ó fi rìfáàsì padà sínú ipa táyà tó gbà wọlé, torí pé yanrìn ibẹ̀ ti le díẹ̀, kó yọ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i, kó tún gbìyànjú. Tí ikùn mọ́tò bá ti kanlẹ̀, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ti kọjá, ṣọ́bìrì ló kù.

Ẹrẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, ibí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ mú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ní 2009. Ní àwọn ibi tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà náà láyìíká Òkokomáíkò, ẹrẹ̀ ibẹ̀ kì í sábà jinlẹ̀ lọ títí. Kòtò ló wà nísàlẹ̀, òkúta, ẹnu ọ̀dà tó já, nígbà míì irin. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín máa fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lu ẹnu ọ̀dà yẹn, ríìmù á wọ̀, tàbí kí táyà ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí fọganáísà kò lè lẹ̀ ẹ́. Mọ́tò náà á tún relẹ̀ ní bí ìka kan, omi á sì sún mọ́ ikùn rẹ̀. Ní irú ibẹ̀, ó sàn kí táyà le, kó gún ẹrẹ̀ wọlẹ̀ lọ kan ibi líle. Ẹrẹ̀ tó yẹ kéèyàn yọ afẹ́fẹ́ sí ni èyí tó rọ̀ wálẹ̀ tí kò sí ohun líle nísàlẹ̀ rẹ̀, bíi ti ẹ̀gbẹ́ àbàtà, níbẹ̀ náà 22 ti tó. Igi tín-ínrín kan ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n kì í bọ ẹrẹ̀ náà. Tí orí igi bá ró kò kí ó tó jìn tó ikùn mọ́tò, kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Bí mọ́tò bá ti jáde sórí ọ̀dà, iṣẹ́ ò tíì parí. Táyà tó ń sáré pẹ̀lú 18 á máa ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní gbogbo ìgbà tó bá yí, kíká yẹn ló ń mú un gbóná. Ooru á máa tú rọ́bà àti okùn inú táyà kúrò lára ara wọn. Ó lè bẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ó sì lè jẹ́ oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò bẹ́ nígbà tí mọ́tò bá ń sáré, tí kò sí ẹni tó máa rántí yanrìn Ìba mọ́. Nítorí náà, kó má sáré ju 30 lọ, kó sì yà sí ọ̀dọ̀ fọganáísà àkọ́kọ́ tó bá rí. Láti Ìyànà-Ìba dé Ọ̀jọ́, wọn kì í wọ́n létí títì. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ibi tí wọ́n ti ń tan sìgá nínú mọ́tò, kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ kí bátìrì má bàa kú, kó sì ṣe sùúrù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa ń gbà lórí táyà kan.

Àwọn fọganáísà kan máa ń gbé e dé 40, wọ́n á ní kó lè pẹ́ kó tó rọ̀. Kó má gbà. Iye tó wà lára òpó ilẹ̀kùn ni kó ní kí wọ́n gbé e sí, kó sì fi géèjì tirẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé géèjì ojú ọ̀nà mìíràn ti pẹ́ tó ti ń parọ́. Táyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn gbóná, ó lè fi nọ́ńbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lé. Kó má torí ìyẹn yọ ọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí mọ́tò tó kúrò lójú kan, kó tún wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó fi díẹ̀ kún èyí tó bá dín. Kó na ọwọ́ wo ẹ̀yìn táyà náà, lápá ibi tí ojú kì í tó. Tí ó bá kan ibi tó wú bí ẹyin, ooru tàbí òkúta ti já okùn inú rẹ̀, táyà yẹn kò gbọdọ̀ dé ọ̀nà márosẹ̀ mọ́.