Pọ́ọ̀dù Mélòó Ló Tó?

Ẹni tó bá ń kọ́ Kubernetes, ètò tí ilé-iṣẹ́ Google gbé jáde lọ́dún 2014 láti máa darí áàpù lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, kì í pẹ́ bá php-apache pàdé nínú ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀. Áàpù kékeré ni, ìṣirò ló ń ṣe nígbàkigbà tí wọ́n bá kàn án. Ẹ̀dà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ ni pọ́ọ̀dù. Bí èrò bá ya dé, HPA á fi pọ́ọ̀dù kún un. Bí wọ́n bá tú ká, á dín in kù.

Ní ìṣẹ́jú àáyá 15-15 ló ń wo iṣẹ́ tí sípíyù, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ń ṣe. Wọ́n fi 50 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe ìwọ̀n fún php-apache. Nígbà tí wọ́n da ìbéèrè bo pọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tó wà, sípíyù fò dé 305. HPA fi 50 pín in, ó rí 6.1, ó sì sọ ọ́ di pọ́ọ̀dù 7, nítorí òkè ló máa ń gbé ẹ̀ẹ́kù lọ.

Báwo ni 305 ṣe jáde nínú ọgọ́rùn-ún? Ohun tí áàpù béèrè fún ni ọgọ́rùn-ún yẹn: `200m`, ìdá márùn-ún sípíyù kan. Pọ́ọ̀dù lè jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá kọ iye tó béèrè sílẹ̀, `<unknown>` ni yóò máa rí, HPA kò sì ní ṣe ohunkóhun.

Sípíyù kọ́ ló bá gbogbo iṣẹ́ mu o. Áàpù tó ń fi ìmeèlì ránṣẹ́ lè máa dúró de ẹlòmíràn, kí sípíyù rẹ̀ tutù nini nígbà tí iṣẹ́ ń tò sẹ́yìn. Iye iṣẹ́ tó wà lórí ìlà ló yẹ kí wọ́n fi wọn irú èyí. Mẹ́mórì náà máa ń tanni: ọ̀pọ̀ áàpù Java kì í tètè dá èyí tó gbà padà, nítorí náà pọ́ọ̀dù á pọ̀ sí i, kò sì ní dín kù.

Iye tó kéré jù lọ kò le: 2, kí ọ̀kan lè dúró bí èkejì bá kú. Iye tó pọ̀ jù lọ ni wọ́n sábà máa ń fojú bù. Bí olóúnjẹ bá gba agbáwo mẹ́wàá sí i, tí ìkòkò ọbẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀kan, kí ló yí padà? Dátábéèsì ni ìkòkò náà. PostgreSQL tí wọn kò tún tò máa ń gba ìsopọ̀ 100, ó sì ń fi 3 pamọ́ fún alábòójútó. Bí pọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan bá ń di 10 mú, 97 kò lè gba ju pọ́ọ̀dù 9 lọ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ń gbé ẹ̀dà tuntun wọlé, Kubernetes lè fi ìdá mẹ́rin iye wọn lé e fúngbà díẹ̀. Pọ́ọ̀dù 7 á di 9, wọn á sì gba 90.

```
minReplicas: 2
maxReplicas: 7
```

Bí `kubectl describe hpa` bá ń kọ `TooManyReplicas` lemọ́lemọ́, tí sípíyù sì ju 50 lọ, HPA ti kan òrùlé. Kí wọ́n tó gbé 7 sókè, kí wọ́n kọ́kọ́ dín ìsopọ̀ pọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan kù sí 5. Nígbà náà, 15 lè wọlé, nítorí pé 19 ni yóò dà lọ́jọ́ tí ẹ̀dà tuntun bá ń wọlé, 95 ni wọn yóò sì gbà.