Àkọlé Kan Tó Yàtọ̀ Lè Gbé Mílíọ̀nù Mì

Ẹ jẹ́ ká mú oníṣòwò símẹ́ǹtì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta n'Ìbàdàn: ọ̀kan ní Bódìjà, ọ̀kan ní Dùgbẹ̀, ọ̀kan ní Mọ́kọ́lá. Bí oṣù bá ti parí, akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan á fi fáìlì Excel kan ránṣẹ́. Òpó mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: Ọjọ́, Ọjà àti Iye. Akọ̀wé àgbà á wá jókòó, á kọ̀pí ti Bódìjà, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti oṣù tó kọjá, á tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí méjì yòókù. Tó bá ṣèèṣì lẹ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ó lè má fura títí owó inú ìwé á fi kọ̀ tí kò bá ti báǹkì mu.

Irinṣẹ́ tó ń gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ èèyàn ti wà nínú Excel láti ẹ̀dà 2016. Power Query lorúkọ rẹ̀. Ẹ máa fi ibi tí fáìlì wà hàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó fi wọ́n ṣe. Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá ti pè é lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà kan náà ló máa gbà.

Ẹ ṣí fódà kan, bíi `C:\Tita`, kẹ́ ẹ kó gbogbo fáìlì sínú rẹ̀. Kí orúkọ wọn sọ ṣọ́ọ̀bù àti oṣù, bíi `Bodija-2025-01.xlsx`. Fáìlì ìjábọ̀ fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ sí nínú fódà yìí, kó má baà máa ka ara rẹ̀ mọ́ wọn. Ibòmíì ni kẹ́ ẹ fi í sí. Ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ wá gba ibí lọ:

```
Data > Get Data > From File > From Folder
```

Ẹ yan fódà náà. Tó bá ti to orúkọ àwọn fáìlì síwájú yín, ẹ tẹ `Combine & Transform Data`, kẹ́ ẹ sì mú ṣíìtì tí ọjà títà wà. Fáìlì kan ni Excel máa fi ṣe àwòkọ́ṣe. Bẹ́ ò bá yan òmíràn, èyí tó ṣáájú nínú fódà ni, ìyẹn ti Bódìjà. Àkọlé tó bá rí níbẹ̀ ló máa wá nínú gbogbo fáìlì yòókù.

Gbogbo ìlà á wá dà pọ̀ sójú kan, òpó tuntun kan á sì yọ, `Source.Name`, tó ń sọ fáìlì tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti wá. Ẹ má pa á rẹ́. Ẹ yan `Close & Load To`, kẹ́ ẹ mú `PivotTable Report`. Ẹ fi `Source.Name` sí `Rows`, kẹ́ ẹ fi Iye sí `Values`, kẹ́ ẹ sì rí i pé `Sum` ló wà níbẹ̀, kì í ṣe `Count`.

Lóṣù tó ń bọ̀, ẹ sọ fáìlì mẹ́ta tuntun sínú fódà, ẹ ṣí ìjábọ̀, ẹ tẹ `Refresh All` lábẹ́ `Data`. Ó tán. Ẹ má yọ fáìlì àtijọ́ kúrò o, torí odindi fódà ló ń kà lákọ̀tun nígbà gbogbo. Èyí tẹ́ ẹ bá yọ kúrò á yọ kúrò nínú ìjábọ̀ náà.

Ibi tó ti ń dani ni àkọlé òpó. Ká ní lóṣù kẹrin, Bódìjà ta ọjà 4,200,000 náírà, Dùgbẹ̀ ta 3,100,000, Mọ́kọ́lá ta 2,700,000. Àmọ́ akọ̀wé Mọ́kọ́lá kọ "Iye Owó" síbi tó yẹ kó kọ "Iye". Excel ò ní pariwo. Ìlà Mọ́kọ́lá á wọlé, ọjọ́ á wà níbẹ̀, orúkọ ọjà á wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi owó á ṣófo. Àpapọ̀ oṣù náà á di 7,300,000 dípò 10,000,000. Àmì ohùn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: lójú Power Query, "Ọjà" àti "Oja" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, bẹ́ẹ̀ ni "Iye" àti "iye". Ohun tó dáa jù ni kí ọ̀gá ya fáìlì kan tí àkọlé ti wà nínú rẹ̀, kó pín in fún ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n máa kún un.

Àṣìṣe tó ń pariwo sàn jùyẹn lọ. Bí ẹnì kan bá yí orúkọ ṣíìtì padà, ohun tẹ́ ẹ máa rí ni `The key didn't match any rows in the table`. Ẹ wá ṣíìtì tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, kẹ́ ẹ dá a padà sí ti tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá, ẹ ka ìlà `Source.Name`. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, oṣù mẹ́rin: ìlà méjìlá ló gbọ́dọ̀ pé, owó sì gbọ́dọ̀ wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀kan bá ṣófo, ẹ má tíì fi ránṣẹ́. Ẹ lọ ṣí fáìlì yẹn, kẹ́ ẹ wo àkọlé rẹ̀.