Ibi Tí Dídán Ojú Omi Ti Ń Pòórá

Bí oòrùn bá ń ràn sórí adágún omi, dídán rẹ̀ kì í jẹ́ ká rí ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ awò oòrùn pólárọ́ìdì, tí ẹ sì wo ibi kan pàtó, dídán náà á pòórá, ẹ ó sì rí òkúta inú omi. A lè ṣírò ibi náà.

Ẹ ronú okùn tí ẹni méjì dì mú. Wọ́n lè mì ín lókè-sódò, wọ́n sì lè mì ín sọ́tùn-ún sósì. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbọ̀n bó ti ń lọ. Ti oòrùn ń gbọ̀n síhà gbogbo. Èyí tó ń gbọ̀n síhà kan ṣoṣo ni ẹ jẹ́ ká pè ní ìmọ́lẹ̀ oníhà-kan.

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kan omi, apá kan á wọlé, á sì tẹ̀ díẹ̀. Apá kejì á ta padà. Èyí tó wọlé ń mi àwọn ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú omi, àwọn wọ̀nyí ló sì ń tan èyí tó padà. Ṣùgbọ́n ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀gangan ibi tó ń gbọ̀n sí; ẹ̀gbẹ́ ló ń tàn án sí. Igun kan wà tí ìmọ́lẹ̀ tó padà àti èyí tó wọlé ti jìnnà síra ní 90° gẹ́lẹ́. Níbẹ̀, àwọn tó ń gbọ̀n lókè-sódò kọjú sí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó padà, nítorí náà wọn ò lè tan nǹkan kan síbẹ̀. Kìkì ìmọ́lẹ̀ tó ń gbọ̀n ní ìbú ló padà, awò pólárọ́ìdì sì ń dí ìyẹn.

David Brewster, ará Sikọ́tílándì, gbé òfin rẹ̀ jáde ní 1815:

tan θ = n

Láti orí ìlà tó dúró ṣánṣán lójú omi la ti ń wọn θ, kì í ṣe láti ojú omi. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. n ni iye tó ń sọ bí nǹkan ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tó. Ti omi jẹ́ 1.33, nítorí náà θ jẹ́ 53.1°. Ìmọ́lẹ̀ tó wọlé á wà ní 36.9°. Ẹ ro méjèèjì pọ̀: 90°.

Ẹ ò nílò ohun ìwọn igun. Ẹ fi 1.33 sọ gíga ojú yín sí ilẹ̀ di púpọ̀. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ga ní mítà 1.2 létí omi á wo ibi tó jìnnà sí i ní mítà 1.6, òbí tí tirẹ̀ jẹ́ mítà 1.5 á wo mítà 2.

Ẹ wá tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan: dídán á padà wá. Èyí ló fi hàn pé oníhà-kan ni. Bí omi bá ń ru, igun á máa yí padà, dídán ò ní tán pátápátá. Irin dídán kò tẹ̀lé òfin yìí rárá. Gíláàsì fèrèsé ń tẹ̀ lé e: n rẹ̀ tó 1.5. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣírò igun tirẹ̀ wá fún mi ní Sátidé. Ẹ má wo oòrùn fúnra rẹ̀ o, kí òbí sì wà nítòsí omi.