Òfò Àjọpín Lórí Òkun

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ dáhùn lónìí: bí iná bá jó nínú ọkọ̀ ojú omi, tí ẹrù tèmi sì gúnlẹ̀ láìfarapa, èé ṣe tí wọ́n fi lè ní kí n san owó kí n tó gbé e?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, iná ṣẹ́ yọ nínú ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan, Máásìkì Hónámù, lórí òkun Arébíà. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ márùn-ún ni ó bá iná náà lọ. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n ní kí olúkúlùkù ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò jóná fi owó ìdógò sílẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún náírà ẹrù, wọ́n bu náírà 42.5 fún iṣẹ́ àwọn tí ó gba ọkọ̀ là, wọ́n sì bu náírà 11.5 fún òfò àjọpín. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 54. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ tó mílíọ̀nù kan náírà yóò wá 540,000 náírà kí ó tó rí ẹrù ara rẹ̀ gbà.

Kí ni òfò àjọpín? Ó jẹ́ òfin àtijọ́ tí àwọn ará Róòmù sọ pé àwọn gbà lọ́wọ́ àwọn ará erékùṣù Ródísì: ohun tí a bá mọ̀ọ́mọ̀ sọ nù kí gbogbo ènìyàn lè là, gbogbo àwọn tí ó là ni yóò jùmọ̀ san án.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọkọ̀ kan wà tí iye rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 50 náírà. Ìrẹsì mílíọ̀nù 30, aṣọ mílíọ̀nù 15 àti àwo mílíọ̀nù 5 ni ó wà nínú rẹ̀. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 100. Ìjì dé, ọkọ̀ fẹ́ rì, ọ̀gá ọkọ̀ sì pàṣẹ pé kí a da ìrẹsì mílíọ̀nù 10 sómi. Ọkọ̀ là. Nítorí náà, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ó kan olúkúlùkù: ọlọ́kọ̀ yóò san mílíọ̀nù 5, aláṣọ mílíọ̀nù kan ààbọ̀, aláwo ààbọ̀ mílíọ̀nù. Onírẹsì pàápàá yóò fara mọ́ mílíọ̀nù 3, yóò sì gba mílíọ̀nù 7 padà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òfò ni a ń pín. Ewu náà gbọ́dọ̀ dojú kọ ọkọ̀ àti ẹrù lápapọ̀, a sì gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ sọ nǹkan náà nù. Bí iná bá jó aṣọ, aláṣọ nìkan ni ó ni òfò rẹ̀. Bí omi tí a fi pa iná bá ba aṣọ mìíràn jẹ́, ìyẹn di ti gbogbo wa.

Níhìn-ín ni inṣọ́ránsì ti wúlò, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń ṣìnà. Wọn a ní, ‘Ṣebí ọkọ̀ náà ní inṣọ́ránsì.’ Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n inṣọ́ránsì ara ọkọ̀ ni. Ọlọ́kọ̀ ni ó rà á. Ara ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni ó wà fún, pẹ̀lú ìpín tí ó bá kan ọkọ̀ nínú òfò àjọpín. Kò kan àpò ìrẹsì kankan. Inṣọ́ránsì ẹrù ni oníṣòwò gbọ́dọ̀ rà fún ara rẹ̀.

Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀, tí a fi lẹ́tà A, B àti C dá mọ̀. A ni ó gbòòrò jù, C ni owó rẹ̀ kéré jù. C kì í san owó olè. Síbẹ̀, àti A, àti B, àti C ni ó ń gba òfò àjọpín rù. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ju C lọ kò tíì wà níhòhò.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: ẹ má ṣe dín iye ẹrù kù kí owó inṣọ́ránsì lè kéré. Bí ẹrù mílíọ̀nù 10 bá wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí mílíọ̀nù 5, ìdajì ìpín yín ni adójútòfò yóò san. Ìdajì yòókù di tiyín.

Bí ìwé ìkéde òfò àjọpín bá dé, ẹ fi tó adójútòfò yín létí lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé ìpín yín yóò di sísan. Ẹ ó sì fi ìwé iye ẹrù hàn. Adójútòfò yóò kọ ìwé onígbọ̀wọ́ dípò owó ìdógò, ọlọ́kọ̀ yóò sì tú ẹrù sílẹ̀. Ìṣirò ìkẹyìn lè gba ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n ọjà yín yóò ti dé ìsọ̀. Ẹni tí kò ní inṣọ́ránsì ni yóò máa wá owó kiri, nígbà tí owó ìtọ́jú ẹrù ń gorí ara wọn ní èbúté.